Bí fọ́tò JPEG ṣe ń bàjẹ́ nídìí àtúnṣe kéékèèké, àti bí a ṣe lè dá a dúró

Àwọn tó ń ṣe pósítà àti káàdì ìpè l'Adó-Èkìtì mọ ìṣòro yìí dáadáa. Fọ́tò tí oníbàárà mú wá mọ́ gaara lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní kí ẹ tan ojú màmá sí i díẹ̀, ẹ tàn án. Wọ́n ní kí ẹ gé etí rẹ̀, ẹ gé e. Wọ́n ní ọjọ́ tí ẹ kọ sí i kò tọ̀nà, ẹ tún un kọ. Nígbà tí iṣẹ́ fi máa dọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé, awọ ojú màmá ti dán láìní ìlà kankan, èérí kéékèèké ti yí àwọn lẹ́tà orúkọ rẹ̀ ká, ojú ọ̀run tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ti pín sí igun mẹ́rin mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú àwọn àtúnṣe náà tó tóbi.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé JPEG ń bàjẹ́ nígbàkígbà tí èèyàn bá ti ṣí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè ṣí fọ́tò kan wò láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, kò ní yí padà. Ẹ lè yí orúkọ rẹ̀ padà, kí ẹ dà á kọ sórí fláàṣì, kí ẹ gbé e láti fódà kan sí òmíràn, fáìlì kan náà ni. Ibì kan ṣoṣo ni ìbàjẹ́ ti ń wọlé: ìgbà tí ètò kọ̀ǹpútà tàbí ti fóònù kan bá tún fọ́tò náà fún pọ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí JPEG tuntun. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn á mọ àtúnṣe tó léwu àti èyí tí kò léwu.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ètò náà máa pín fọ́tò sí àwọn àpótí kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ píksẹ́lì mẹ́jọ ní fífẹ̀ àti mẹ́jọ ní gíga, ìyẹn píksẹ́lì 64. Kò ní kọ àwọ̀ píksẹ́lì wọ̀nyí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Yóò sọ wọ́n di nọ́ńbà 64 mìíràn tó ń sọ bí àwọ̀ ṣe ń yí nínú àpótí náà: nọ́ńbà kan fún bí gbogbo àpótí ṣe mọ́lẹ̀ tó, àwọn mìíràn fún ìyípadà tó rọra ń lọ, bí òjìji lára ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọn tó kù fún ìyípadà tó yára, bí irun orí tàbí òwú aṣọ òkè. Títí dé ibí yìí, kò tíì sọ nǹkan kan tó ṣe é kà nù.

Lẹ́yìn èyí ló máa wá pín nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà ìpín kan, yóò sì sún èsì rẹ̀ sí odidi nọ́ńbà tó sún mọ́ ọn jù. Ibi sísún yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú àdánù wà. Ká ní nọ́ńbà kan jẹ́ 47, nọ́ńbà ìpín rẹ̀ sì jẹ́ 10. Èsì jẹ́ 4.7, yóò kọ 5 sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí fọ́tò náà, yóò fi 10 sọ 5 di púpọ̀, 50 ló máa fún yín. 47 ti lọ. Ká ní nọ́ńbà mìíràn tó jẹ́ ti irun tàbí ti òwú jẹ́ 4: èsì jẹ́ 0.4, yóò kọ 0. Èyí ló burú jù, torí ohunkóhun tí ẹ bá fi sọ 0 di púpọ̀, 0 náà ni. Bí ẹ bá fi Quality, nọ́ńbà tí ètò máa ń ní kí ẹ yàn nígbà tí ẹ bá ń kọ JPEG sílẹ̀, sí nọ́ńbà kékeré, ńṣe ni nọ́ńbà ìpín máa ń tóbi, tí ohun tó ń di 0 á sì máa pọ̀ sí i.

Ẹ wá wo ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí ẹ bá ṣí fọ́tò náà tí ẹ kò fọwọ́ kan nǹkan kan, tí ẹ sì fi ètò kan náà àti Quality kan náà kọ ọ́ sílẹ̀ padà, 50 ni yóò tún pín sí 10, èsì jẹ́ 5 géérégé, 50 náà ni yóò sì tún jáde. Àdánù tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ìbàjẹ́ kì í ti ibi kíkọ sílẹ̀ léraléra nìkan wá. Ohun tó ń dá a sílẹ̀ ni kí a yí nǹkan padà láàárín kíkọ kan sí èkejì, tàbí kí a yí Quality padà, tàbí kí ètò mìíràn tó ní nọ́ńbà ìpín tirẹ̀ dá sí i.

Ká tan fọ́tò náà sí i ní ìdá mẹ́wàá. 47 tó jẹ́ òótọ́ yẹ kó di 51.7. Ṣùgbọ́n 50 ló wà lọ́wọ́ wa báyìí, ó sì di 55. A pín in sí 10, ó di 5.5, a sún un sí 6, ó sì jáde bí 60. Ní ẹ̀ẹ̀mejì péré, a ti fi nọ́ńbà tó ju 8 lọ jìnnà sí òótọ́. Ká ní inú 47 la ti bẹ̀rẹ̀, tí a tàn án, tí a sì fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, 51.7 á di 5.17, a óò sún un sí 5, yóò jáde bí 50, àṣìṣe rẹ̀ kò sì ní tó 2. Àtúnṣe kan náà ni méjèèjì. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ló yàtọ̀.

Gígé etí fọ́tò ní ewu tirẹ̀, ó sì yẹ kí á dúró lé e lórí nítorí pé ó dà bí ohun tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn àpótí píksẹ́lì mẹ́jọ yẹn ń bẹ̀rẹ̀ láti igun òsì lókè. Bí ẹ bá gé píksẹ́lì mẹ́ta péré kúrò lápá òsì, ààlà gbogbo àpótí inú fọ́tò yẹn ti yẹ̀. Apá kan nínú àpótí àtijọ́ bọ́ sínú àpótí tuntun, apá kejì bọ́ sínú òmíràn, ètò náà á sì ní láti ṣírò gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun. Ààlà àtijọ́ tó ti hàn díẹ̀ á wá di ìlà láàárín àpótí tuntun, bí ẹni pé apá kan fọ́tò ni. Yíyí fọ́tò díẹ̀ kó lè dúró ṣánṣán náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún fi ti ara rẹ̀ kún un, torí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ni yóò ní láti dà pọ̀ mọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Àwọ̀ pàápàá ń jìyà ju ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lọ. Ọ̀pọ̀ JPEG, pàápàá àwọn tí fóònù ń yà, ń kọ àwọ̀ kan ṣoṣo fún píksẹ́lì mẹ́rin. Ètò á pè é ní `4:2:0`. Ìdí nìyí tí etí gèlè pupa tàbí lẹ́tà pupa lórí ilẹ̀ aláwọ̀ ewé fi máa ń tètè rú ṣáájú gbogbo nǹkan tó kù.

Èyí ni ti ìfúnpọ̀. Ohun kejì tí wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn ni píksẹ́lì tó ń dín kù. Fọ́tò lè ní ìfúnpọ̀ tó dára gan-an kó má sì ní píksẹ́lì tó tó láti tẹ̀. Gígé etí ń dín píksẹ́lì kù, ìyẹn kò sì burú bó bá jẹ́ ohun tí a kò fẹ́ la gé. Èyí tó burú ni kí fọ́tò dín kù láìjẹ́ pé a mọ̀, bí ìgbà tí a bá fi í ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù ní ọ̀nà tó wọ́pọ̀, tàbí tí a ya ojú fóònù dípò kí a mú fáìlì gangan. Lẹ́yìn náà, a fẹ̀ ẹ́ padà sí ìwọ̀n àtijọ́, a rò pé ó ti bọ̀ sípò. Kò bọ̀ sípò. Ńṣe ni ètò ń méfò píksẹ́lì tó yẹ kó wà láàárín.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní màmá kan n'Ìkẹ́rẹ́ fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ níta, tí òkè Olósùnta ń hàn lẹ́yìn. Fóònù tó yà á fún wa ní píksẹ́lì 3000 ní fífẹ̀ àti 4000 ní gíga. Ìdílé fẹ́ káàdì ínṣì mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Bí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní píksẹ́lì 300 sí ínṣì kan, 2400 sí 3000 la nílò. A ní tó, ó tiẹ̀ ṣẹ́ kù.

Ọ̀nà tó ń ba nǹkan jẹ́ rèé. Dìsáínà ṣí JPEG náà, ó yí i díẹ̀ kó lè dúró ṣánṣán, ó gé e sí 2400 sí 3000, ó kọ orúkọ màmá àti ọjọ́ sí i, ó sì kọ ọ́ lé orí fáìlì tó wà tẹ́lẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù sí ọmọbìnrin màmá tó wà n'Ìkọ̀lé. Ìyẹn dáhùn pé, "Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú màmá dúdú díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tàn án sí i." Iná kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, kọ̀ǹpútà kò tàn, dìsáínà bá mú èyí tó wà lórí Wọ́sáàpù nínú fóònù rẹ̀, ó tan ojú náà níbẹ̀, ó sì tún fi ránṣẹ́. Èsì tún dé: "Ó ti dára báyìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé ni, kì í ṣe ọjọ́ Jímọ̀." Ó pa ọjọ́ àtijọ́ rẹ́, ó kọ tuntun sí orí ibi tó pa rẹ́.

Ẹ ka iye ìgbà tí a ti fún fọ́tò yìí pọ̀. Fóònù tó yà á ni àkọ́kọ́. Àtúnṣe àkọ́kọ́ ni ẹ̀ẹ̀kejì, Wọ́sáàpù ni ẹ̀ẹ̀kẹta, títan ojú ni ẹ̀ẹ̀kẹrin, Wọ́sáàpù tún ni ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀ẹ̀kẹfà. Ní ti píksẹ́lì, ká ní Wọ́sáàpù sọ ọ́ di 1280 sí 1600. Nínú píksẹ́lì mílíọ̀nù 7.2 tó yẹ kó lọ sórí káàdì, mílíọ̀nù méjì lé díẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Lórí káàdì ínṣì mẹ́jọ, ìyẹn jẹ́ 160 sí ínṣì kan. Bí dìsáínà bá wá fẹ̀ ẹ́ padà sí 2400 sí 3000 kí atẹ̀wé má bàa ráhùn, iye píksẹ́lì á pé lójú, àmọ́ irun orí màmá kò ní padà wá.

Bí ó ṣe yẹ kí iṣẹ́ kan náà lọ kò le. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé kí JPEG má ṣe jẹ́ ibi tí iṣẹ́ ń gbé. JPEG wà níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí fọ́tò ń wọlé, ó sì wà nípẹ̀kun, nígbà tí iṣẹ́ ń jáde. Láàárín méjèèjì, inú fáìlì ètò tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ ni kó wà. Màá fi GIMP ṣàlàyé nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, `XCF` sì ni fáìlì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo Photoshop á fi `PSD` dípò `XCF`.

Ẹ gba fọ́tò náà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe jáde láti inú fóònù, ẹ tọ́jú rẹ̀ sí fódà kan tí ẹ kì í ti inú rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí i nínú GIMP, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ lọ sí `File`, `Save As`, ẹ pè é ní `mama-ikere.xcf`. Láti ìgbà yẹn, `Ctrl+S` kò ní kan JPEG mọ́, inú `XCF` ló ń kọ sí, `XCF` kì í sì í sún nọ́ńbà kankan. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan nínú `File` tó ń jẹ́ `Overwrite`. Ó máa ń yọjú bí ẹ bá ṣí JPEG tààrà, òun ló sì máa ń pa ojúlówó rẹ́.

Ẹ ṣe ẹ̀dà kejì lẹ́yà tó gbé fọ́tò, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ wà láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, kí títan ojú àti mímú fọ́tò dúró ṣánṣán wà lórí ẹ̀dà. Nígbà tí ẹ bá ń gé etí, ẹ wo inú àwọn àṣàyàn irinṣẹ́ náà, kí àmì má sí lórí `Delete cropped pixels`. Bí kò bá sí níbẹ̀, ohun tí ẹ gé ò tíì lọ, ó kàn pamọ́ ni, bí ìdílé bá sì ní kí ẹ jẹ́ kí òkè hàn sí i, ẹ ó rí i mú padà. Orúkọ àti ọjọ́ wà lórí lẹ́yà tiwọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní Sátidé ni, ẹ tẹ orí rẹ̀, ẹ yí i padà, kò sí ohun tí ẹ ń pa rẹ́ lórí fọ́tò.

Èyí tí ẹ fẹ́ fi han oníbàárà, ẹ lo `File`, `Export As`, ẹ pè é ní `mama-ikere-wo.jpg`, ẹ lè jẹ́ kó kéré kó má bàa jẹ dátà wọn. Wọ́sáàpù lè ṣe é bó ṣe fẹ́, ẹ̀ka ni, kò sẹ́ni tó máa padà sídìí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti gbà pé ó pé, ẹ tún lo `Export As` láti inú `XCF`, ẹ fi `Quality` sí nǹkan bí 92. Nínú àwọn àṣàyàn tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ yí `Subsampling` sí `4:4:4`, nítorí lẹ́tà aláwọ̀ àti gèlè tí mo mẹ́nu bà lókè. Bí ẹ bá ka ìfúnpọ̀ fọ́tò yìí báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni: ti fóònù, àti ti èyí tó ń lọ síbi ìtẹ̀wé. Àtúnṣe láàárín wọn ì bá tó ogún, iye kan náà ni.

Ẹ má fi Wọ́sáàpù lásán rán èyí tó ń lọ fún atẹ̀wé. Ẹ tẹ àmì àsomọ́, ẹ yan `Document`, kì í ṣe `Gallery`. Bó bá lọ gẹ́gẹ́ bí dókúmẹ́ǹtì, fáìlì náà gan-an ni yóò dé láìyingin. Ẹ sọ fún oníbàárà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n ṣe fi fọ́tò ránṣẹ́ sí yín. Èmi rò pé gbólóhùn kan yẹn ń gba fọ́tò là ju ètò olówó ńlá lọ.

Ẹni tó jẹ́ pé fóònù nìkan ló ní lè ṣe é pẹ̀lú. Bí áàpù rẹ bá ní ibi tí a ti ń tọ́jú iṣẹ́ tí kò tíì parí, èyí tí wọ́n sábà máa ń pè ní `Project`, ibẹ̀ ni kó o tọ́jú rẹ̀ sí kó o tó mú fọ́tò jáde. Bí kò bá ní, ṣe gbogbo àtúnṣe ní ìjókòó kan, kó o sì mú un jáde lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá béèrè ìyípadà lọ́la, padà sí ojúlówó, kó o tún àtúnṣe náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń gba àsìkò, ṣùgbọ́n ojú fọ́tò á wà bó ṣe wà.

Iṣẹ́ kan wà tí a lè ṣe sí JPEG láìtún un fún pọ̀: yíyí i láti ìdùbúlẹ̀ sí ìdúró. Ètò kan tó ń jẹ́ `jpegtran` máa ń to àwọn nọ́ńbà inú àpótí náà ní ọ̀nà mìíràn láìsún wọn.

```
jpegtran -copy all -perfect -rotate 90 -outfile tuntun.jpg ojulowo.jpg
```

Bó bá kọ̀ jálẹ̀, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Fọ́tò `4:2:0` ń kó àwọn àpótí mẹ́jọ sí mẹ́jọ yẹn jọ di àpótí ńlá píksẹ́lì 16 sí 16, fọ́tò fóònù tó jẹ́ 4000 sí 3000 sì wọ́pọ̀. 4000 pín sí 16 géérégé, 3000 kò pín, píksẹ́lì mẹ́jọ ṣẹ́ kù létí. `-perfect` ló ní kó má ṣe é bí kò bá lè ṣe é láìní àbùkù. Ẹ lè fi `-trim` rọ́pò rẹ̀, yóò gé ìlà mẹ́jọ yẹn dànù, gbogbo èyí tó kù kò sì ní yí padà.

Báwo la ṣe lè mọ fọ́tò tó ti jìyà kó tó dọ́wọ́ wa? Ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà dé 300 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ wo ibi mẹ́ta. Ojú ọ̀run: bí igun mẹ́rin bá ń hàn níbi tó yẹ kó rọra mọ́lẹ̀, wọ́n ti fún un pọ̀ jù. Ẹ̀bá lẹ́tà tàbí etí gèlè: bí èérí kéékèèké bá yí i ká, bẹ́ẹ̀ náà ni. Irun àti òwú aṣọ: bí wọ́n bá ti dà pọ̀ mọ́ra, nọ́ńbà wọn ti di 0. Ẹ tún wo iye píksẹ́lì rẹ̀. Ẹni tó ní ImageMagick lè kọ èyí:

```
identify -format "%w x %h, %Q\n" foto.jpg
```

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà `%Q`, ìyẹn `Quality`, jù. Ìfúnpọ̀ tó kẹ́yìn nìkan ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Fọ́tò tó ti gba Wọ́sáàpù kọjá lọ́nà púpọ̀, tí ẹnì kan wá kọ sílẹ̀ pẹ̀lú `Quality` 98, 98 ló máa sọ, fáìlì náà á sì tóbi. Títóbi fáìlì kì í ṣe ẹ̀rí. Nọ́ńbà 300 tí wọ́n kọ sí ibi ìwọ̀n ínṣì kì í ṣe ẹ̀rí pẹ̀lú: àmì lásán ni, ẹ lè yí i láti 72 sí 300 láìsí píksẹ́lì kan tó kún un.

Àwọn kan máa ń sọ JPEG tó ti bàjẹ́ di `PNG` kó lè dára. Iyán kì í padà di iṣu. Ohun tí `PNG` lè ṣe ni pé kò ní jẹ́ kí ìbàjẹ́ tuntun wọlé láti ìsinsìnyí lọ, èyí tó ti wà nínú rẹ̀ á wà níbẹ̀, fáìlì á sì wúwo. Bákan náà, ẹ má kánjú fi `Sharpen` lé e lórí, torí èérí ẹ̀bá lẹ́tà àti ààlà àpótí ni yóò kọ́kọ́ mú mímú.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀dà tó ti jìyà nìkan ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ya fọ́tò náà gangan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojúlówó ṣì wà nínú fóònù ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kan tó yà á, kò kàn sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ ni. Bí a kò bá rí i, ẹ sọ ẹ̀dà yẹn di `XCF` lójú ẹsẹ̀, ẹ ṣe àtúnṣe yín níbẹ̀, kí ẹ sì dín ìwọ̀n ìtẹ̀wé kù. 1280 sí 1600 tó fún káàdì ínṣì mẹ́rin sí márùn-ún, ìyẹn jẹ́ 320 sí ínṣì kan. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìdílé kí wọ́n tó sanwó ìtẹ̀wé.